Owó ń wọlé, dáṣíbọ́ọ̀dù ní ẹnikẹ́ni ò rà

Tèmi ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwa tá à ń bá èèyàn ṣe ìpolówó lórí ayélujára máa ń tètè dá oníbàárà lẹ́bi. Kí iye ẹni tó rà ṣáà ti já wálẹ̀ lójijì, ariwo á sọ: kò sówó nílùú, àwòrán yẹn ti sú wọn, ọjà ti wọ́n jù. Wọ́n á yí àwòrán padà, wọ́n á já owó ọjà wálẹ̀, wọ́n á pa ìpolówó kan, wọ́n á tan òmíràn. Ní gbogbo àsìkò yẹn, kò tíì sẹ́ni tó ṣí ìwé ọ́dà wò.

Dáṣíbọ́ọ̀dù, ìyẹn ojú ewé tá a ti ń wo iye ẹni tó rà, kì í ka owó. Táàgì ló ń kà, ìyẹn kóòdù kékeré tó máa ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ojú ewé "a ti gba owó yín, a dúpẹ́" bá ṣí, tó sì máa ń ránṣẹ́ sí Google Analytics tàbí Meta pé ẹnì kan ti rà. Bí táàgì yẹn bá dákẹ́, ọjà ì báà tà wàràwàrà, òdo lẹ máa bá níbẹ̀.

Obìnrin kan wà tó ń ta àdìrẹ lórí wẹ́ẹ̀bù tó fi WooCommerce ṣe. Nǹkan bí ọ́dà 30 ló máa ń wọlé fún un lóòjọ́. Lọ́jọ́ Sátidé kan, ọmọkùnrin tó ń bá a ṣe ìpolówó pè é pé, "Mà, láti alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni ò ti sẹ́ni tó rà nǹkan kan. Ẹ jẹ́ ká já owó wálẹ̀ díẹ̀." Ohun tí màmá náà fi dá a lóhùn ni pé, "Ta wá ni gbogbo àwọn tí mo ń di ẹrù fún látàárọ̀ yìí?"

Ìbéèrè yẹn gan-an ló yẹ kó kọ́kọ́ wá sọ́kàn ẹni tó ń ṣe ìpolówó. Ẹ ṣí `Orders` nínú WooCommerce, ẹ ka àwọn tó wà ní `Processing` àti `Completed` nìkan. Ẹ fi `Pending payment` àti `Failed` sílẹ̀, torí owó wọn ò tíì wọlé. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ iye `purchase` tó wà nínú Analytics fún ọjọ́ kan náà. Ẹ má retí pé kí méjèèjì dọ́gba o. Àwọn kan ń lo ohun tó ń dí táàgì lọ́nà, àwọn mìíràn á fi fóònù san owó látinú áàpù báńkì wọn, wọn ò sì ní padà sójú ewé ìdúpẹ́ mọ́. Àlàfo tó máa ń wà láàárín wọn tẹ́lẹ̀ lẹ gbọ́dọ̀ mọ̀. Bó bá jẹ́ pé nínú ọ́dà 30, Analytics máa ń rí 26, tó wá di pé ọ́dà ṣì jẹ́ 30 ṣùgbọ́n Analytics ò rí ẹyọ kan, oníbàárà ò ṣẹ̀ yín. Ẹ má sì fi ti òní ṣèdájọ́, torí Analytics lè lo wákàtí 24 sí 48 kó tó ka ọjọ́ kan tán.

Bí nǹkan náà ṣe já wálẹ̀ tún ń sọ̀rọ̀. Bí ọjà bá ń kú lóòótọ́, díẹ̀díẹ̀ ló máa ń kú, láti òkè wá sísàlẹ̀: àwọn tó ń wo ọjà á dín kù, àwọn tó ń jù ú sínú agbọ̀n náà á dín kù. Ti màmá yìí ò rí bẹ́ẹ̀. `view_item` dúró bó ṣe wà, `add_to_cart` àti `begin_checkout` náà ò yí padà, àmọ́ láti nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́ Ọjọ́bọ̀, `purchase` di òdo. Àwọn èèyàn kì í fẹnu kò pé láago báyìí làwọn máa jáwọ́ nínú rírà.

Ibi tí mo ti fẹ́ kẹ́ ẹ rọra ṣe nìyí. Kì í ṣe táàgì nìkan ló lè fa irú òdo yẹn. Bí ẹ̀rọ tó ń gba owó bá bàjẹ́, bí káàdì gbogbo èèyàn bá ń kọ̀, bákan náà ni dáṣíbọ́ọ̀dù máa rí: wọ́n á dé ibi ìsanwó, wọn ò ní kọjá ibẹ̀. Àlááàtì báńkì àti ìwé ọ́dà nìkan ló lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí owó náà ò bá wọlé, ẹ gbàgbé táàgì, ẹ lọ bá àwọn tó ń gba owó fún yín.

Ọmọkùnrin yẹn ní Meta náà ní ẹnikẹ́ni ò rà, pé ẹlẹ́rìí di méjì. Ẹlẹ́rìí méjì tó gbọ́ lẹ́nu ẹnì kan ṣoṣo ni! Inú Google Tag Manager kan náà, níbi tí wọ́n ń kó táàgì wẹ́ẹ̀bù pa mọ́ sí, ni táàgì méjèèjì wà, ohun kan náà ló sì ń jí wọn:

```
Page Path contains /thank-you
```

Ẹni tó ń bójú tó wẹ́ẹ̀bù ti pààrọ̀ `theme`, ìyẹn ìrísí wẹ́ẹ̀bù náà, lálẹ́ Ọjọ́bọ̀. Ojú ewé ìdúpẹ́ tí wọ́n ṣe lọ́tọ̀ bá a lọ, oníbàárà wá ń já sí èyí tí WooCommerce fúnra rẹ̀ ní, `/checkout/order-received/`. Kò sí `/thank-you` nínú rẹ̀, nítorí náà kò sí nǹkan tó máa jí táàgì.

Kò pẹ́ rárá kí wọ́n tó rí i. Wọ́n tẹ `Preview` nínú Tag Manager, wọ́n fi owó kékeré ra nǹkan bí oníbàárà, nígbà tí ojú ewé ìdúpẹ́ sì ṣí, táàgì `purchase` wà lábẹ́ `Tags Not Fired`. Wọ́n yí àdírẹ́sì tó ń jí i padà sí `/order-received`, wọ́n tún un rà, ó bọ́ sí `Tags Fired`. Wọ́n tẹ `Submit`, torí `Preview` nìkan kì í tún nǹkan ṣe fún aráàlú.

Ọ̀rọ̀ ò tán síbẹ̀. Bó bá jẹ́ Google Ads ló ń pinnu iye tó máa ná lórí títẹ̀ kọ̀ọ̀kan, òdo yẹn ló ti ń kọ́gbọ́n láti Ọjọ́bọ̀. Ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í fawọ́ ìpolówó tó ń mú owó wá sẹ́yìn. Wọ́n ṣe `Data exclusions` fún irú èyí, kẹ́ ẹ fi sọ fún un pé kó má ka àwọn ọjọ́ kan. Ọjọ́ tí èèyàn tẹ ìpolówó ló ń wò o, kì í ṣe ọjọ́ tó rà. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ Túsìdeè lè jẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ ló máa sanwó, torí náà ẹ bẹ̀rẹ̀ látọjọ́ díẹ̀ ṣáájú ìgbà tí táàgì kú.

Ẹ̀yin tí ọjà yín ṣì kéré, ẹ má ṣe tètè jáyà. Bó bá jẹ́ ọ́dà 3 lẹ máa ń rí lóòjọ́ tẹ́ ẹ bá pín in dọ́gba, bí ẹ̀ẹ̀kan nínú ọjọ́ 20 ni ẹ lè má rí nǹkan kan rárá, táàgì yín sì lè wà láàyè kó máa ṣiṣẹ́. Ọjọ́ kan ṣoṣo kì í ṣe ẹ̀rí fún yín. Òdo ọjọ́ mẹ́ta léraléra ni kó lé yín dìde, tàbí kẹ́ ẹ rí ọ́dà kan tí Analytics ò mọ̀ nípa rẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọjà gan-an ni mo fẹ́ bá wí díẹ̀. Kí ló dé tí ẹni tó ń ṣe wẹ́ẹ̀bù yín àti ẹni tó ń ṣe ìpolówó yín ò mọra? Ẹ kó wọn sínú gúrúùpù WhatsApp kan, kí ẹni tó bá pààrọ̀ `theme` lálẹ́ sọ ọ́ níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, kí ẹnì kejì sì dán rírà wò kó tó lọ sùn.