Kí Ìpàdé Àkọ́kọ́ Tó Wáyé, Ẹ Kọ Bí A Ṣe Ń Pe Orúkọ Yín Ránṣẹ́

Èrò ọkàn mi ni pé ẹni tí ó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ pẹ̀lú àwọn alábàáṣiṣẹ́ tí wọ́n wà ní òkè òkun gbọ́dọ̀ fi ímeèlì kúkúrú kan ránṣẹ́ sí wọn nípa orúkọ rẹ̀ kí wọ́n tó jọ ṣe ìpàdé àkọ́kọ́, kí ó sì sọ ìkékúrú tí ó fẹ́ àti èyí tí kò fẹ́ láì fi igbá kan bọ ọ̀kan nínú. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó máa ń kọ ọ́ pé, "Èyí tó bá rọ̀ yín lọ́rùn ni kí ẹ máa pè mí," tí a sì gbà pé ìwà ọmọlúàbí ni. Ní tèmi, ẹrù ni gbólóhùn yẹn ń dì ru ẹni tí a kọ ọ́ sí, nítorí kò mọ èyí tí ó tọ̀nà, kò sì fẹ́ ṣẹ̀ wá. Ẹnì kan á pe iwájú orúkọ, ẹlòmíràn á pe ẹ̀yìn rẹ̀, àwọn tí ẹ̀rù bá sì ń bà kò ní dárúkọ wa rárá. Bí ẹ bá ti ń rí i nínú ìpàdé orí fídíò pé wọ́n ń dárúkọ gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n tí ó bá kàn yín, "alábàáṣiṣẹ́ wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé" ni wọ́n ń sọ, orúkọ yín ni wọ́n ń sá fún.

Orúkọ tèmi ni Fọláṣadé. Sílébù mẹ́rin ni ó ní, ohùn wọn sì ń lọ ní àárín, òkè, àárín, òkè, ìyẹn re mí re mí. Ẹni tí èdè Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ èdè abínibí rẹ̀ kì í fi ohùn ya ọ̀rọ̀ kan sọ́tọ̀ sí òmíràn bí àwa ti ń ṣe, ṣùgbọ́n ó máa ń fi agbára pe sílébù kan ju àwọn yòókù lọ, ohùn rẹ̀ sì sábà máa ń gòkè níbi tí agbára náà bá bọ́ sí. Bí ó bá rí orúkọ mi láìsí àlàyé, orí sílébù kẹta ni ó máa ń gbé agbára náà lé, níbi tí ohùn wa ti yẹ kí ó padà sí àárín gan-an. Kì í ṣe pé ó kọ̀ láti kọ́ ọ. Ohun tí èdè rẹ̀ kọ́ ọ ni ó ń ṣe. Nítorí náà, kò sí ìdí láti kọ ìtàn gígùn nípa ohùn mẹ́ta Yorùbá sí i. Sílébù tí ó yẹ kí ó gbé agbára lé ni kí a fi hàn án.

Ibí yìí ni ìkékúrú ti wúlò jù lọ. Ṣadé, re mí, bá ìṣe ẹnu wọn mu, nítorí bí wọ́n bá fi agbára pe sílébù kejì, ohùn wọn á gòkè níbẹ̀ fúnra rẹ̀. Lẹ́tà tí a fi ń júwe ìró náà ni ó gba ìṣọ́ra. Ẹ wo orúkọ akọrin nì, Ṣadé Adú, tí wọ́n bí ní Ìbàdàn ní 1959. Ọ̀pọ̀ ìwé tí ó sọ nípa rẹ̀ ni ó kọ pípè rẹ̀ báyìí: `Shar-day`. Létí ará Lọ́ńdọ̀nù, kò sí àṣìṣe níbẹ̀, nítorí kì í pe lẹ́tà r níbẹ̀ yẹn, fáwẹ́lì ni ó máa ń fà gùn. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà máa ń pe r náà ketekete, ìró tí kò sí nínú orúkọ náà rárá á sì wọ inú rẹ̀. Èmi kì í fi r sí i. `sha-DAY` ni mo ń kọ, kí lẹ́tà ńlá lè fi ibi tí agbára wà hàn. Ìró tí wọn yóò pè ní ìparí kò bá é tiwa mu tán, ṣùgbọ́n ó sún mọ́ ọn tó.

Ìkékúrú tí n kò fẹ́ ni Fọlá. Ó wu ẹni tí kò gbọ́ èdè wa láti gé orúkọ láti iwájú, bí òun ti ń gé tirẹ̀. Àwa sábà máa ń jù apá iwájú sílẹ̀ ni, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó jọ ní in: Adéwálé di Wálé, Ọlátúnjí di Túnjí, Olúfẹ́mi di Fẹ́mi. Àwọn kan wà tí Fọlá, Adé tàbí Olú tẹ́ lọ́rùn, ẹ̀tọ́ wọn sì ni. Kí oníkálukú sáà sọ tirẹ̀ ni mo ń wí, nítorí alábàáṣiṣẹ́ kò lè mọ̀ ọ́n fúnra rẹ̀.

Àkóónú ímeèlì tèmi rèé:

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Orúkọ mi ni Fọláṣadé. Folasade ni ẹ ó rí lórí ẹ̀rọ. Ṣadé ni mo fẹ́ kí ẹ máa pè mí lẹ́nu iṣẹ́. Bí ẹ ó ṣe pè é ni `sha-DAY`, kí ohùn yín gòkè ní ìparí. Bí ẹ bá fẹ́ pe gbogbo rẹ̀, `faw-LAH-sha-DAY` ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe gé e sí Fola. Mo fi ohùn mi ránṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀ kí ẹ lè gbọ́ ọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ bí a ṣe ń pe orúkọ tiyín sí èmi náà."

Mo máa ń kọ orúkọ náà lọ́nà méjèèjì, pẹ̀lú àmì àti láìsí àmì, nítorí ẹni tí ó bá fẹ́ wá mi lórí ẹ̀rọ lè má mọ bí a ṣe ń tẹ ṣ tàbí ọ́. Ní ti ohùn tí mo gbà sílẹ̀, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ti tó: mo máa ń pe Ṣadé lẹ́ẹ̀mejì bí a ti ń pè é gan-an, lẹ́yìn náà ni mo máa ń pe Fọláṣadé, ní sílébù kọ̀ọ̀kan lákọ̀ọ́kọ́, kí n tó pè é pọ̀.

Ọgbọ́n lẹ́tà ńlá yìí kò ràn gbogbo orúkọ lọ́wọ́. Túnjí àti Wálé ní ohùn òkè méjì tí ó tẹ̀ léra, ṣùgbọ́n elédè Gẹ̀ẹ́sì á fi agbára pe èkíní, á sì jẹ́ kí ohùn rẹ̀ já wálẹ̀ lórí èkejì. Ẹni tí ó bá ń jẹ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ lè kọ ọ́ pé kí wọ́n gbé ohùn sókè, kí wọ́n má sì jẹ́ kí ó wálẹ̀ títí orúkọ náà yóò fi parí, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ṣì kù lẹ́nu rẹ̀.

Bí wọ́n bá ti pè mí ní Ṣadé, tí ṣ rẹ̀ dún, tí ìparí rẹ̀ sì gòkè, mo gbà á, bí fáwẹ́lì rẹ̀ kò tilẹ̀ péye. Bí ẹnì kan bá pè é bí ẹni pé s lásán ni, tàbí tí ó gbé agbára lé sílébù èkíní, mo máa ń kọ ọ̀rọ̀ kan sí òun nìkan lọ́jọ́ náà, pẹ̀lú ohùn tí mo gbà sílẹ̀ yẹn, nítorí bí ó bá fi máa di oṣù kan, á ti mọ́ ọn lẹ́nu, ojú á sì ti máa tì mí láti tún un ṣe.