10,000 cm² ló wà nínú 1 m², kì í ṣe 100

Gbogbo wa la mọ̀ pé 100 cm ló wà nínú 1 m. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń gbà pé 100 cm² náà ló máa wà nínú 1 m². Ó jọ òótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ fojú inú wo pátákó onígun mẹ́rin kan tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ 1 m. Ẹ wá to àwọn pátákó kékeré tí ẹ̀gbẹ́ wọn jẹ́ 1 cm sórí rẹ̀. Ìlà àkọ́kọ́ á gba 100. Ìlà kan ṣoṣo nìyẹn o! Ó ku ìlà 99 kí ojú pátákó tó bò tán. Nítorí náà, 100 lọ́nà 100 ni, ìyẹn 10,000.

Lójú tèmi, bí a ṣe ń ka àmì náà ló ń tan èèyàn. cm² kì í ṣe ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún m². (cm)² ni. "Sẹ̀ǹtì" ti so mọ́ mítà kí 2 kékeré yẹn tó dé, torí náà ó kan àwọn méjèèjì pọ̀.

Ti ohun tó ní gígùn, ìbú àti gíga tún le jù. Ká sọ pé àpótí omi kan gùn ní 120 cm, ó fẹ̀ ní 80 cm, ó sì ga ní 50 cm. Tí a bá sọ wọ́n di púpọ̀, 480,000 cm³ ni. Mélòó ni lítà omi tó máa gbà? Ẹni tó bá pín in sí 100 lẹ́ẹ̀kan á ní 4,800 m³. Ṣùgbọ́n ẹ kọ ìdíwọ̀n mọ́ ìṣirò náà, kí ẹ wò ó:

```
480,000 cm³ × (1 m / 100 cm) = 4,800 cm²·m
```

cm mẹ́ta ló wà lókè, ẹyọ kan péré la pa rẹ́. Èyí tó ṣẹ́ kù ń sọ fún wa pé iṣẹ́ ò tíì parí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló yẹ ká ṣe é:

```
480,000 cm³ × (1 m / 100 cm)³ = 0.48 m³
0.48 m³ × (1,000 L / 1 m³) = 480 L
```

Tí iyèméjì bá ṣì wà, ẹ yí àwọn ẹ̀gbẹ́ náà padà sí mítà kí ẹ tó sọ wọ́n di púpọ̀: 1.2 × 0.8 × 0.5. 0.48 náà ló máa jáde. Ọ̀nà yìí ni mo fẹ́ràn jù, torí kò sí 3 kékeré kankan tí èèyàn lè gbàgbé.

Ẹ má wá gbé òfin yìí dé orí lítà o. 1 L jẹ́ 1,000 mL, ó parí síbẹ̀. Òótọ́ ni pé ohun tí àpótí gbà ni lítà ń wọ̀n, ṣùgbọ́n kò sí 3 kékeré kankan lórí L, torí náà ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo la ń lo 1,000.