Àsun Ẹ̀wù Kẹsàn-án

(Ṣọ́ọ̀bù atẹ̀wé kan ní Ṣómólú. Jẹnẹrétọ̀ ń pariwo. Ṣínà wọlé pẹ̀lú dígí dúdú lójú, Jídé ọ̀rẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lé e lẹ́yìn bí ọlọ́pàá gómìnà.)

ṢÍNÀ: Ẹ̀gbọ́n Alátẹ̀, ẹ kí Síí-Í-Ò. Ilé iṣẹ́ mi ti bẹ̀rẹ̀.

ALÁTẸ̀: Ilé iṣẹ́ wo? Ṣebí lánàá lo wá yá ṣájà fóònù lọ́wọ́ mi.

ṢÍNÀ: Àná ti lọ. Ẹ̀wù róńdù-nẹ́ẹ̀kì dúdú, 50, ni kí ẹ tẹ̀ fún mi. Iṣẹ́ ọnà rẹ̀ rèé. ₦40,000 ni mo san fún ẹni tó yà á.

ALÁTẸ̀: (ó sún mọ́ fóònù) "OWO NWOLE". Kò sí nǹkan mìíràn níbẹ̀? ₦40,000?

ṢÍNÀ: Ẹ wò ó dáadáa. Ó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan díẹ̀.

JÍDÉ: Ó fì lóòótọ́, ẹ̀gbọ́n.

ALÁTẸ̀: Ó dáa. Síkírìn méjì tí íńkì máa gbà kọjá sára aṣọ, ₦6,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀wù lásán, ₦3,500. Owó títẹ̀, ₦700. Ọ̀rá tí a ó kó o sí, ₦100.

ṢÍNÀ: Síkírìn méjì kẹ̀? Yẹ́lò nìkan ni mo fẹ́.

ALÁTẸ̀: Bí a bá tẹ yẹ́lò lé aṣọ dúdú láìkọ́kọ́ tẹ́ íńkì funfun sábẹ́ rẹ̀, dúdú á gbé e mì, á wá dà bí ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ tó sùn mọ́jú. Funfun ní síkírìn tiẹ̀, yẹ́lò ní tiẹ̀.

ṢÍNÀ: Kí n wá sanwó fún àwọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò ní rí?

ALÁTẸ̀: Ṣé àwọn èèyàn ń rí pátá tó o wọ̀ sábẹ́ ṣòkòtò ni?

ṢÍNÀ: Kò burú. Owó ọnà ₦40,000, síkírìn ₦12,000, ₦52,000 nìyẹn. ₦6,000 ni mo máa tà á. Jídé, pín 52,000 sí 6,000.

JÍDÉ: Mẹ́jọ àti díẹ̀.

ṢÍNÀ: Mẹ́sàn-án! Tí mo bá ti ta mẹ́sàn-án péré, ojú owó ti padà. Èrè pọ́ńbélé ni 41 tó kù. Lọ́jọ́ tí mo bá ta ẹ̀wù kẹsàn-án, àsun lọ́wọ́ Síí-Í-Ò!

JÍDÉ: Kí n kúkú ti pe Ìyá Alásun.

(Ìyá Ṣínà wọlé. Gaàrí ló ń tà. Owó àjọ rẹ̀ ló wà nínú àpò Ṣínà.)

ÌYÁ ṢÍNÀ: Ta ló ń dárúkọ àsun nídìí owó mi?

ṢÍNÀ: Màámi, ẹ̀wù mẹ́sàn-án ni, owó yín á padà.

ÌYÁ ṢÍNÀ: Ṣínà, tí mo bá ta kóńgò gaàrí kan, ṣé tèmi ni gbogbo owó tó bọ́ sí mi lọ́wọ́? Ẹni tó gbé àpò gaàrí wá fún mi ńkọ́, ṣé afẹ́fẹ́ ló ń jẹ ni?

ALÁTẸ̀: Ẹ ṣeun, Màámi. Ṣínà, nínú ₦6,000 tí wọ́n bá san fún ẹ̀wù kan, ẹ̀wù yẹn fúnra rẹ̀ ti jẹ ₦4,300: aṣọ, títẹ̀ àti ọ̀rá. ₦1,700 ló ṣẹ́ kù. Òun ló máa lọ dí ihò ₦52,000, torí ₦52,000 yẹn ò mọ̀ bóyá ẹyọ kan lo tẹ̀ tàbí ẹgbẹ̀rún. Pín 52,000 sí 1,700.

JÍDÉ: 30 àti díẹ̀.

ṢÍNÀ: 30 ni. Ẹ gbàgbé díẹ̀ yẹn.

ÌYÁ ṢÍNÀ: Kí ni mo fẹ́ gbàgbé? ₦1,700 lọ́nà 30 jẹ́ ₦51,000. ₦1,000 mi ṣì wà níta. Àfi kó o ta ìkọkànlélọ́gbọ̀n.

ṢÍNÀ: Tàbí kí n ta apá rẹ̀ kan.

ALÁTẸ̀: Ẹ jọ̀ọ́, ta ló gba ọmọ yìí sílé ìwé?

JÍDÉ: Ẹ̀gbọ́n, ṣé àsun ti wá di ẹ̀wù 31 nìyẹn?

ALÁTẸ̀: 31 gan-an, tó bá jẹ́ pé bí oníbàárà bá ṣe ń dé ni mo ń tẹ̀ ẹ́ ni. Ṣùgbọ́n èmi ò lè máa gbé síkírìn sókè, kí n tò ó, kí n po íńkì, nítorí ẹyọ kan. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni mo máa tẹ 50, wàá sì san owó 50 kí n tó fọwọ́ kan íńkì. ₦4,300 lọ́nà 50, ₦215,000. Fi ₦52,000 lé e.

ÌYÁ ṢÍNÀ: ₦267,000. (Obìnrin yìí ò fọwọ́ kan kákúlétọ̀.)

ALÁTẸ̀: ₦267,000 ti jáde nílé kí ẹnikẹ́ni tó ra ẹyọ kan. Díẹ̀díẹ̀ ni owó á sì máa wọlé, ₦6,000, ₦6,000. Ìgbà tó o bá ta 31, ₦186,000 ló wà lọ́wọ́ rẹ. Ìwé ìṣirò lè sọ pé o ti jèrè ₦700, torí ó ka ẹ̀wù 19 tó wà nínú páálí mọ́ ọn. Ẹ̀wù inú páálí ò ṣeé san àjọ.

ÌYÁ ṢÍNÀ: ₦81,000 mi ló wà nínú páálí yẹn.

ALÁTẸ̀: Ẹ̀wù 45 ni owó Màámi tó máa délé.

JÍDÉ: Àsun ń lọ o.

ALÁTẸ̀: Ohun tí à ń ṣe ni pé kó o gba owó àti sáìsì lọ́wọ́ àwọn èèyàn ná. Iye tó bá sanwó ni mo máa tẹ̀. Kò ní sí páálí kankan nílé.

ṢÍNÀ: Kí Síí-Í-Ò máa tọrọ owó kiri? Ẹ tẹ 50. Kí gbogbo rẹ̀ jẹ́ mídíọ̀mù.

ALÁTẸ̀: Gbogbo rẹ̀? Kí ló dé?

ṢÍNÀ: Mídíọ̀mù lèmi ń wọ̀. Èmi ni mo máa ya fọ́tò.

(Ọ̀sán ọjọ́ kejì. Síkírìn méjèèjì ti gbẹ. Ìyá Ṣínà gbé ọ̀kan sókè sí iná.)

ÌYÁ ṢÍNÀ: "Owó ń wólé." Ilé ta ni owó ń wó?

ṢÍNÀ: Ń wọlé ni, Màámi.

ÌYÁ ṢÍNÀ: Àmì ìsàlẹ̀ Ọ dà? Kátákátá ni mo rí níbí yìí. Ta ni onílé tó máa ra èyí wọ̀?

ALÁTẸ̀: Mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó yà á sórí síkírìn pé ṣé ó ti kà á. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni.

ṢÍNÀ: Bó ṣe fì ni mo ń wò. Ẹ bá mi fi kíní kékeré yẹn sábẹ́ rẹ̀.

ALÁTẸ̀: Fi ẹnu lásán? Ibi tí iná bá ti kọjá lára síkírìn ni íńkì ò ní gbà, ibi tí ọnà bo mọ́lẹ̀ ni íńkì ń gbà kọjá. Tó bá ti gan, ó ti gan nìyẹn. Mo ní láti fọ̀ ọ́ dànù, kí n tún kun un, kí n tún yà á. Funfun gbọ́dọ̀ ní àmì yẹn, yẹ́lò náà gbọ́dọ̀ ní in. ₦12,000.

ṢÍNÀ: ₦12,000 nítorí ẹyọ tó-tó kan?

ÌYÁ ṢÍNÀ: ₦267,000 ti di ₦279,000. Ẹ̀wù 47.

JÍDÉ: (jẹ́ẹ́) Ẹ̀yin Ìyá Alásun, ẹ máà tíì dá iná o.

(Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. OWO NWỌLE mẹ́ta àkọ́kọ́ tutù yọ̀yọ̀ lórí tábìlì. Ṣínà já wọn gbà.)

ALÁTẸ̀: Fi wọ́n sílẹ̀! Wọn ò tíì wọ abẹ́ iná!

ṢÍNÀ: Mo fọwọ́ kàn án, ó ti gbẹ. Ọ̀kan fún Jídé, méjì fún àwọn ọmọ àdúgbò. Ìpolówó ni.

ALÁTẸ̀: Bí dòdò ni, òde lè pọ́n kí inú ṣì tutù. Íńkì yìí kì í gbẹ fúnra rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ gbóná tó ìwọ̀n 160 láti òkè dé ìsàlẹ̀ kó tó jinná. Tó bá jinná, wàá fà á, á nà. Tó o bá fà á tó là wẹ́wẹ́, kó padà sábẹ́ iná.

ṢÍNÀ: Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ máa ń bẹ̀rù jù.

ÌYÁ ṢÍNÀ: Ṣínà, o ti fi mẹ́ta tọrẹ. 47 ló kù.

ṢÍNÀ: 47 náà ni a ní láti tà! Ó bára mu! Ẹ ò rí ọpọlọ?

(Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà. Páálí ńlá kan wà láàárín ṣọ́ọ̀bù. Ṣínà ò wọ dígí mọ́.)

ÌYÁ ṢÍNÀ: Mélòó lo tà?

ṢÍNÀ: Mẹ́rìnlá. Ọjà ń rìn, àfi pé àwọn èèyàn ò mọ bí wọ́n ṣe ń rù.

ALÁTẸ̀: Wọ́n ti tóbi ju mídíọ̀mù lọ.

ÌYÁ ṢÍNÀ: ₦6,000 lọ́nà 14 jẹ́ ₦84,000. Kó o wá.

ṢÍNÀ: Ẹ gba ₦69,000 ná.

ÌYÁ ṢÍNÀ: ₦15,000 yòókù ńkọ́?

(Kò sẹ́ni tó fèsì. Jídé ń fi igi tayín.)

ÌYÁ ṢÍNÀ: Jídé. Kí lo ń tayín fún?

JÍDÉ: Màámi, a ta ẹ̀wù kẹsàn-án ní Fúráìdé...

ÌYÁ ṢÍNÀ: Ẹ ti jẹ àsun!

ṢÍNÀ: Màámi, ẹ̀jẹ́ ni. Síí-Í-Ò kì í yẹ àdéhùn.

ALÁTẸ̀: ₦279,000 pẹ̀lú ₦15,000 àsun, ₦294,000. Tí a bá pín in sí ₦6,000...

ÌYÁ ṢÍNÀ: 49.

ALÁTẸ̀: Ó gbọ́dọ̀ ta 49 nínú 47.

ṢÍNÀ: Ṣé ìyẹn le ni?

ALÁTẸ̀: Kò le. Kò sí ni.

JÍDÉ: Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Ká já a sí ₦5,000, ọjà á yá.

ÌYÁ ṢÍNÀ: ₦5,000, kí ₦700 máa kù lórí ẹ̀wù? Jókòó síbẹ̀, àsun ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ.

JÍDÉ: Ó dáa, ẹ má bínú. Èmi á dá tèmi padà kẹ́ ẹ tà á. Àwọn méjì yẹn náà á dá tiwọn padà. 50 á tún pé.

ṢÍNÀ: Ọ̀rẹ́ tòótọ́ nìyí! 50 nínú 49! Ẹ̀wù kan lérè!

JÍDÉ: Àfi pé mo ti fọ tèmi.

(Jídé fa ẹ̀wù yọ nínú báàgì. Ìlàjì íńkì yẹ́lò ti bá ọṣẹ lọ. LE ò sí mọ́.)

ALÁTẸ̀: Mo sọ pé kò tíì wọ abẹ́ iná.

ÌYÁ ṢÍNÀ: (ó gbé e sí ìmọ́lẹ̀, ó kà á díẹ̀díẹ̀) "Owó... ń... wọ̀."

JÍDÉ: Bí oòrùn, Màámi?

ÌYÁ ṢÍNÀ: Bí oòrùn, ọmọ mi.

ṢÍNÀ: (ojú rẹ̀ tún ń dán) Ẹ dúró ná. Ẹ ò rí i pé ọnà tuntun nìyẹn? Ẹni tó yà á lè tún un yà kó bọ́ báyìí gan-an. ₦40,000 péré ló máa gbà!