Imú kọ́ ló ń jẹ́ kí àwòrán ẹ̀fẹ̀ jọ èèyàn

Gbogbo ẹni tó bá ti gbọ́ pé mò ń ya àwòrán ẹ̀fẹ̀, karikéṣọ̀ yẹn, ohun kan náà ni wọ́n máa ń sọ fún mi ní Adó níbí: pé ṣebí kéèyàn ṣáà wá ibi tó tóbi jù lójú ẹni náà, kó sọ ọ́ di ràgàjì, tí imú bá tóbi kó fẹ̀ ẹ́ sí i, tí ètè bá nípọn kó tún wú u sí i, iṣẹ́ ti parí nìyẹn. Àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ pàápàá gbà á gbọ́. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi máa ń rí kọ́ọ̀pù ọjọ́ìbí tí wọ́n ya màmá sí lára, tí imú gba gbogbo ojú, tí àwọn àlejò ń rẹ́rìn-ín, tí màmá fúnra ẹ̀ wá gbé kọ́ọ̀pù náà dojú bolẹ̀ sórí tábìlì. Wọ́n á ní màmá ò mọ ẹ̀fẹ̀. Rárá o, ẹni tó yà á ni ò wo màmá dáadáa.

Ohun tó jẹ́ òótọ́ ni pé a kì í sọ ohun tó tóbi di ńlá, ìyàtọ̀ là ń sọ di ńlá, ìyàtọ̀ tó wà láàárín ojú ẹni yẹn àti ojú àwọn èèyàn bíi tiẹ̀. Imú lè tóbi kó má sì sí ìyàtọ̀ kankan ńbẹ̀, torí gbogbo àwọn tó yí i ká ló ní irú ẹ̀. Lọ́dún 1982 obìnrin kan tó ń jẹ́ Susan Brennan ṣe ètò kọ̀ǹpútà kan ní yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà tó ń ya irú àwòrán yìí. Kọ̀ǹpútà yẹn ò mọ̀ pé nǹkan kan ń jẹ́ imú o, ohun tó ń ṣe ò ju kó gbé ìlà ojú ẹni náà sórí ìlà ojú tí wọ́n rí nígbà tí wọ́n ro ìwọ̀n ojú ọ̀pọ̀ èèyàn pọ̀ tí wọ́n sì pín in dọ́gba, ojú gbogbogbò nìyẹn, kó wo ibi tí méjèèjì ti yà síra, kó wá fa ibẹ̀ gùn sí i. Ibi tí wọn ò bá ti yà síra, kò ní fọwọ́ kàn án. Nígbà tó sì di 1987 òun àti Gillian Rhodes àti Susan Carey gbé ìwádìí jáde pé àwọn èèyàn tètè dá irú àwòrán tí wọ́n fà gùn bẹ́ẹ̀ mọ̀ ju àwòrán onílà tó péye lọ.

Ibi tí wàhálà wá wà fún àwa gan-an nìyí, ojú gbogbogbò ta la fi ń wọ̀n? Ọ̀pọ̀ ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ wa ní yíya ojú, ojú òyìnbó ló wà ńbẹ̀. Wọ́n á ní fífẹ̀ imú gbọ́dọ̀ ṣe déédéé pẹ̀lú àyè tó wà láàárín ojú méjèèjì, láti igun inú ojú kan sí igun inú ojú kejì. Ẹ lọ wo dígí, ẹ wo ìyá yín, ẹ wo àwọn tẹ́ ẹ jọ wà nínú mọ́tò láti Adó lọ sí Ìkẹ́rẹ́, imú ọ̀pọ̀ nínú wa ló fẹ̀ ju àyè yẹn lọ, kò dẹ̀ sí nǹkan tó ṣe é. Ẹni tó bá wá fi òṣùwọ̀n yẹn wo Yorùbá, gbogbo imú ni yóò pè ní ńlá, gbogbo ètè ni yóò pè ní nípọn, gbogbo oníbàárà ẹ̀ ni yóò fẹ imú wọn, wọ́n á wá jọra wọn, wọ́n á jọ àwọn àwòrán ẹ̀tàn tí òyìnbó ń fi ènìyàn dúdú ṣẹ̀sín láyé ọjọ́un. Ìwọ̀sí ọ̀hún ti wà nínú òṣùwọ̀n kí pẹ́ńsùlù tó kan pépà.

Ẹ wá fi fóònù kún un. Fótò tí wọ́n máa ń fi ránṣẹ́ sí wa lórí wọ́ńsáàpù, sẹ́lífì ló pọ̀ jù, sẹ́lífì dẹ̀ ti sọ àsọdùn tiẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ohun tó bá sún mọ́ lẹ́nsì á tóbi ju ohun tó jìnnà sí i lọ, imú ló dẹ̀ yọ síwájú jù lójú. Àwọn dókítà kan ní Amẹ́ríkà ṣírò ẹ̀ lọ́dún 2018, wọ́n ní tí kámẹ́rà bá wà ní nǹkan bíi 30 sẹ̀ńtímítà sí ojú, imú á hàn bíi pé ó fi nǹkan bí 30 nínú 100 tóbi ju bó ṣe máa rí tí kámẹ́rà bá wà ní mítà kan ààbọ̀. Etí á sì fà sẹ́yìn, nígbà míì kò ní hàn mọ́. Tẹ́ ẹ bá rí fótò tí etí ò hàn dáadáa tí imú wá gbọ̀ọ̀rọ̀ ní àárín, ẹ má fi ya nǹkan kan, ẹ ní kí wọ́n wá èyí tí ẹlòmíì yà láti ọ̀nà jíjìn díẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ìyá kan tó fẹ́ pé àádọ́rin ọdún, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tí àwọn ọmọ ẹ̀ fẹ́ tẹ àwòrán ẹ̀ sára sọ́fíníà. Ohun àkọ́kọ́ tí mo máa béèrè ni fótò òde, fótò ẹgbẹ́ tí òun àtàwọn obìnrin ọjọ́ orí ẹ̀ jọ wọ aṣọ ẹbí, tí wọ́n tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Ibẹ̀ ni ojú gbogbogbò wa wà! Kámẹ́rà kan náà, ìmọ́lẹ̀ kan náà, gbogbo wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jìnnà sí kámẹ́rà bákan náà. Màá gé ojú bíi márùn-ún mẹ́fà jáde, màá tẹ̀ wọ́n kí gígùn ojú kọ̀ọ̀kan láti ibi tí irun ti bẹ̀rẹ̀ dé ìsàlẹ̀ àgbọ̀n jẹ́ 15 sẹ̀ńtímítà. Gèlè máa ń bo ibi tí irun ti bẹ̀rẹ̀, torí náà ẹ tún gba fótò kan tí gèlè ò sí níbẹ̀.

Ojú àwọn tó kù pín sí mẹ́ta tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, iwájú orí 5, láti irun òkè ojú dé ìsàlẹ̀ imú 5, láti ibẹ̀ dé àgbọ̀n 5. Ti màmá jẹ́ 6, 4.5 àti 4.5. Ẹ rí i báyìí, iwájú orí ni màmá fi yàtọ̀, kò sẹ́ni tó máa tètè sọ ọ́ torí kò sẹ́ni tó ń wo iwájú orí, imú ni gbogbo wọn ń wò. Ẹ wá sọ ìyàtọ̀ yẹn di ìlọ́po méjì: iwájú orí fi 1 lé, á fi 2 lé, á di 7, àwọn méjì tó kù fi ààbọ̀ ààbọ̀ dín, wọ́n á fi 1, 1 dín, wọ́n á di 4 àti 4. Ẹ rò ó pọ̀, 15 náà ló ṣì jẹ́. Ohun táwọn akọ́ṣẹ́ kì í ṣe nìyí, wọ́n á fa ibì kan gùn wọn ò ní dín ibòmíì kù, gbogbo orí á wá máa wú ṣáá, ìrísí á sì sọnù.

Imú màmá ńkọ́? Ó fẹ̀ tó 3.4 lórí pépà yẹn, ti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ wà ní nǹkan bíi 3.3. Ìyàtọ̀ 0.1 péré! Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, ó di 3.5, ojú lásán ò lè rí i. Ṣùgbọ́n tá a bá lo òṣùwọ̀n inú ìwé, àyè àárín ojú màmá jẹ́ 2.7, ìwé á ní imú ẹ̀ fi 0.7 lé, ìlọ́po méjì ẹ̀ á gbé e dé 4.1. Màmá kan náà, fótò kan náà, àmọ́ ìkan á jáde ní tíṣà oníwájú orí gbọ̀ọ̀rọ̀ táwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ á dá mọ̀ lójú ẹsẹ̀, èkejì á jáde ní imú.

Tẹ́ ẹ bá ń ṣiyèméjì pé èèyàn lè jọ ara ẹ̀ láìsí imú, ẹ lọ wo ohun tí Charles Philipon ṣe ní kóòtù ní Paris lọ́dún 1831. Wọ́n pè é lẹ́jọ́ pé ó bú ọba Louis-Philippe, ló bá ya orí ọba ní ìpele mẹ́rin títí tó fi di èso kan tí wọ́n ń pè ní píà, tó tẹ́ẹ́rẹ́ lókè tó sì gbòòrò nísàlẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọba tó sọ̀ kalẹ̀ àti orí ẹ̀ tó ṣe ṣóńṣó lókè ló fà gùn, ó wá di pé ẹni tó bá ti ya píà, ọba ló yà. Òun mọ̀ọ́mọ̀ fẹ́ bú ọba ni o, àwa ò fẹ́ bú màmá, ṣùgbọ́n ibi tí ìrísí ń gbé náà nìyẹn, nínú bí orí ṣe rí lódindi.

Lẹ́yìn iwájú orí, ohun kejì kan ṣoṣo ni mo máa ń mú, kó máa ran àkọ́kọ́ lọ́wọ́. Fún màmá yìí, èjí ni. Lọ́dọ̀ tiwa ẹwà ni èjí, ẹ lè jẹ́ kó fẹ̀ sí i díẹ̀, inú ẹ̀ á dùn, àmọ́ ẹ má jẹ́ kó fẹ̀ débi tó fi máa dà bíi pé eyín kan ti yọ, torí eyín tó yọ ti kúrò ní ẹwà nìyẹn. Gèlè àti awò ojú, ẹ fà wọ́n gùn bó ṣe wù yín, òun ló fọwọ́ ara ẹ̀ yàn wọ́n. Ojú tó fọ́, àpá, gẹ̀gẹ̀, ẹnu tó yẹ̀ nítorí àìsàn, wọn ò sí lára ohun tá a lè fi ṣeré, kódà kí ìyàtọ̀ ibẹ̀ pọ̀ jù lọ nínú gbogbo ojú. Ilà ojú, ẹ yà á bó ṣe wà gan-an, iye ẹ̀ àti gígùn ẹ̀.

Orí ńlá lórí ara kékeré ò ní kó èèyàn sí wàhálà lọ́dọ̀ wa. Nínú ọ̀pọ̀ ère Yorùbá, orí máa ń gba tó ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo gíga, tó sì jẹ́ pé lára èèyàn gidi kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú méje lọ. Olówè Ìsẹ̀ gbẹ́ òpó fún ààfin Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́, olorì tó dúró lẹ́yìn ọba ga, ó tóbi ju ọba lọ fíìfíì, kò dẹ̀ sẹ́ni tó ní ó bú ọba. Iyì ni wọ́n ń fi títóbi sọ ńbẹ̀.

Kí n tó fi iṣẹ́ ránṣẹ́, màá fi hàn ẹni tó mọ màmá àmọ́ tí ò rí fótò tí mo lò. Mi ò ní sọ nǹkan kan. Tó bá pariwo orúkọ màmá kó tó rẹ́rìn-ín, ó ti jọ. Tó bá kọ́kọ́ ní "háà, imú yìí!", ẹ̀yà ara kan ti bo èèyàn mọ́lẹ̀. Màá wá fi àtàǹpàkò bo ibi tó dárúkọ yẹn, tí ìyókù ojú ò bá jọ màmá mọ́, a jẹ́ pé ibẹ̀ nìkan ni mo gbé gbogbo iṣẹ́ lé, mo gbọ́dọ̀ padà sí ìwọ̀n orí.

Tí ìyókù ojú bá ṣì jọ ọ́ àmọ́ tí wọ́n ṣáà ń sọ pé imú ti pọ̀ jù, ẹ má tètè dín fífẹ̀ ẹ̀ kù. Ẹ kọ́kọ́ wo dúdú tẹ́ ẹ kùn sínú ihò imú àti òjìji abẹ́ ẹ̀, ìlà tó nípọn tó sì dúdú níbẹ̀ lè mú kí imú tó wà níwọ̀n dà bí èyí tó gbòòrò. Ẹ fi rọ́bà pa á di fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ gbé dúdú tó pọ̀ jù lọ sínú ojú àti irun òkè ojú, kẹ́ ẹ tún padà fi hàn wọ́n.