Ẹ má bínú tí aláṣọ bá ní kí ẹ dúró

Ẹ jọ̀ọ́, tí ìyá ọjà bá ní kí ẹ dúró kí owó wọlé ná, ẹ má gbà á sí ìwọ̀sí. Ohun tí ojú àǹtí mi rí ní Balógun ló ń mú mi sọ ọ́.

Ànkárá ni wọ́n ń tà. Lọ́jọ́ Sátidé kan tí èrò kún ọjà, ọmọkùnrin kan ra ìdì 10, 12,000 náírà ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ní òun ti fi 120,000 ránṣẹ́, ó fi risíìtì hàn wọ́n lórí fóònù. Kò pẹ́ ni fóònù tiwọn náà dún. Orúkọ báǹkì wọn ló wà lókè àtẹ̀jíṣẹ́ tó wọlé, abẹ́ àwọn àlẹ́ẹ̀tì àtẹ̀yìnwá ló sì bọ́ sí. Wọ́n di aṣọ fún un, ó lọ. Ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n fẹ́ san gbèsè ọjà ni wọ́n tó rí i pé owó kankan ò wọlé.

Èmi ni mo bá wọn ka àtẹ̀jíṣẹ́ náà lálẹ́, ẹkún ni wọ́n ń sun. Kí ọmọkùnrin náà tó dé, 43,250 náírà ló wà nínú àkáǹtì wọn. Tí 120,000 bá wọlé lóòótọ́, gbogbo rẹ̀ á di 163,250. Àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn ní 587,400! Ẹni tó kọ ọ́ ò mọ iye tí wọ́n ní, ó kàn méfò ni. Orúkọ tó ń hàn lókè àtẹ̀jíṣẹ́ ṣeé fi èrú kọ, fóònù á sì kó o pọ̀ mọ́ ti báǹkì gangan. Risíìtì náà ṣeé yà.

Látọjọ́ náà, wọ́n máa ń kọ iye tó wà nínú àkáǹtì sínú ìwé kékeré kí oníbàárà tó fi owó ránṣẹ́. Lẹ́yìn náà, wọ́n á ṣí áàpù báǹkì lórí fóònù tiwọn, tàbí kí wọ́n tẹ kóòdù báǹkì, láti wò bóyá iye yẹn ti lé.

Ó ní ọjọ́ tí obìnrin kan ra ọjà 48,000, tí iye ò yí padà. Inú bí i. "Ṣé olè lẹ pè mí ni?"

Àǹtí mi ní, "Ẹ má bínú, ìyá wa, ẹ jókòó. Ẹrù yín nìyí, mo ti kọ orúkọ yín sí i."

Owó ti kúrò lọ́wọ́ obìnrin náà lóòótọ́, nẹ́tíwọ̀kì ló há a mọ́nà. Lẹ́yìn 40 ìṣẹ́jú, ó wọlé. Ká ní kò wọlé ni, nọ́ńbà gígùn tí wọ́n kọ Session ID sí lórí risíìtì ni ì bá gbé lọ bá báǹkì tirẹ̀ kí wọ́n fi tọpa owó náà.

Obìnrin yẹn ti padà wá rajà lẹ́ẹ̀mejì. Tó bá ti fi owó ránṣẹ́ báyìí, òun fúnra rẹ̀ ló máa ń fa àpótí jókòó.