Èyí tó ṣáájú ṣe pàtàkì

“Bóo kọ́kọ́ yí ojúko po ni o, bóo kọ́kọ́ gbé e sí dígí ni o, ibì kan náà ló máa bọ́ sí.”

Rárá o, ọ̀rẹ́ mi. Mú (3, 1). Fi ìlà x ṣe dígí, ó di (3, −1). Wá yí i ní dígírì 90 yí (0, 0) ká, lòdì sí ọwọ́ aago: (1, 3) nìyẹn. Ṣé o rí i pé x àti y kàn pààrọ̀ àyè? Ìgbésẹ̀ méjèèjì ti di dígí kan ṣoṣo lórí ìlà y = x.

Tóo bá kọ́kọ́ yí i, (−1, 3) lo máa rí, dígí á sì sọ ọ́ di (−1, −3). Dígí ti y = −x nìyẹn.

Ó jọ pé dígírì 180 lo fi dán an wò; níbẹ̀, èyíkéyìí lè ṣáájú.