Fáálíọ̀mù àná ṣì wà lára

"Fáálíọ̀mù tó o lò lálẹ́ ti kúrò lára ẹ kílẹ̀ tó mọ́, mu kọfí tójú ẹ bá ṣì wúwo."

Irọ́ ni o, ẹ̀yin ará Àkúrẹ́. Dayasipáàmù, oògùn tó ń kunni lóorun, ló wà nínú Fáálíọ̀mù, ó lè gba wákàtí 20 sí 50 kí ìdajì ẹ̀ tó kúrò lára. Ká ní ọlọ́kadà kan lo mílígíráàmù 10 ní aago 10 alẹ́, tí ìdajì tiẹ̀ ń gba wákàtí 40, tó bá fi máa gbé ọ̀kadà jáde ní aago 8 àárọ̀ ó ṣì ku bíi 8 lára ẹ̀, ẹ̀dọ̀ tún ń sọ èyí tó ń lọ di nǹkan míì tó ń kunni lóorun. Ti midasoláàmù, oògùn míì tó ń kunni lóorun, yàtọ̀, ìdajì ẹ̀ ń lọ ní bíi wákàtí 2, 10 á di 5, á di 2.5, tílẹ̀ bá fi mọ́ ó ku bíńtín. Kọfí ò sì lé dayasipáàmù jáde o jàre.